Ẹ má tíì lé búrẹ́dì jáde, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ná

1/ Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń sọ fún èèyàn pé "inú ń wú ẹ? Pa búrẹ́dì tì!", ẹ̀yin ni mo ń bá wí lónìí. Ẹ ń ba àyẹ̀wò jẹ́ mọ́ aláìsàn lọ́wọ́.

2/ Àbúrò mi kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Tó bá jẹun tán, inú rẹ̀ á wú. Ó ń ya ìgbẹ́ gbuuru lemọ́lemọ́, egbò ń yọ sí i lẹ́nu, ó sì ń rẹ̀ ẹ́ ṣáá. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, oògùn ẹ̀jẹ̀ kò sì ràn án. Irú àmì báyìí ló yẹ kó múni ronú sí àìsàn síléàkì.

3/ Gúlútẹ́nì wà nínú àlìkámà, báálì àti ráì. Tí ẹni tó ní síléàkì bá jẹ ẹ́, àwọn ọmọ ogun ara rẹ̀ á kọjú ìjà sí ìfun òun fúnra rẹ̀. Wọ́n á ba àwọn irun tín-ín-rín tó ń fa oúnjẹ sínú ẹ̀jẹ̀ jẹ́. Ó ń jẹun o, àmọ́ ara ò rí i lò.

4/ Ó wo fídíò kan, ló bá jáwọ́ nínú búrẹ́dì, sẹ́mó àti ohun gbogbo tí wọ́n fi àlìkámà ṣe. Àmàlà àti ẹ̀bà ló kù. Lẹ́yìn oṣù 4, ara ti ń yá, ó wá lọ ṣe àyẹ̀wò. Èsì ní kò sí nǹkan kan.

5/ Irọ́ ni! Àyẹ̀wò yẹn, tí wọ́n ń kọ tTG-IgA sórí èsì rẹ̀, kì í wá gúlútẹ́nì. Ohun ìjà tí ara ń ṣe ló ń wá. Tí gúlútẹ́nì ò bá wọlé mọ́, ohun ìjà á máa dín kù, ìfun á sì máa jinná. Olè ti sá lọ kí ọlọ́pàá tó dé.

6/ Dókítà ní kó padà sídìí gúlútẹ́nì: ó kéré tán ọ̀sẹ̀ 6, ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lójúmọ́. Ìlànà Ìlú Ọba nìyẹn. Ó ń jẹ ẹ́, ó ń sunkún. Àyẹ̀wò kejì ló tú àṣírí. Wọ́n ki kámẹ́rà bọ inú rẹ̀, wọ́n mú díẹ̀ lára ìfun rẹ̀ yẹ̀ wò, ó wá dájú.

7/ Ẹ ó ní "ṣebí ara rẹ̀ ti yá, kí ló fẹ́ fi orúkọ àìsàn ṣe?" Orúkọ yẹn ló jẹ́ kó mọ̀ pé títí ayé ni, pé èérún búrẹ́dì lásán lè ṣe é léṣe. Òun ló jẹ́ kí èmi náà lọ ṣe àyẹ̀wò, torí ó ń rìn nínú ẹbí. Ká ní kì í ṣe síléàkì ńkọ́? Ohun mìíràn ló ń fa àìtó ẹ̀jẹ̀ nìyẹn, ẹ ò bá sì ti fi búrẹ́dì bò ó mọ́lẹ̀.

8/ Tí àmì yìí bá ń ṣe ẹ́, máa jẹ búrẹ́dì ẹ lọ, sọ fún dókítà, ṣe àyẹ̀wò. Ìgbà tí wọ́n bá ní kó o dúró ni kó o dúró. Ẹ̀yin oní-fídíò, ẹ fi ìyẹn sínú fídíò yín tó kàn.