Mínírà aago mẹ́rin: ẹ yé pè é ní ọ̀kánjúwà

Bó bá ti di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ẹnu á bẹ̀rẹ̀ sí í wá nǹkan dídùn. Àwọn kan ní ọ̀kánjúwà ni, àwọn mìíràn ní jẹdíjẹdí ló ń bèèrè oúnjẹ ẹ̀. Àwa ò gbà. Oúnjẹ àárọ̀ ló yẹ ká kọ́kọ́ wò.

Ẹni tó ń tajà jí ní aago márùn-ún, ó mu tíì olóṣúgà pẹ̀lú búrẹ́dì, kò sí ẹyin, kò sí ẹ̀wà. Irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ ń tètè di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀. Họ́mọ̀nù tí wọ́n ń pè ní ínsúlíìnì á kó ṣúgà náà kúrò, nígbà tó bá sì fi máa tó wákàtí mẹ́ta, ebi ti dé. Àmọ́ oníbàárà pọ̀, oúnjẹ ọ̀sán di ìrọ̀lẹ́. Ọwọ́ ọ̀sán yìí náà ni ara èèyàn máa ń rọ̀ fúnra ẹ̀. Ẹni tí ariwo jẹnẹrétọ̀ ò jẹ́ kó sùn lóru, ebi tiẹ̀ tún máa ń ju ti ẹlòmíì lọ, torí àìsùn máa ń ru họ́mọ̀nù ebi sókè. Àwọn obìnrin kan náà mọ̀ pé ó ń le sí i bí nǹkan oṣù bá ti ń sún mọ́lé.

Ibẹ̀ ni mínírà ti ń wọlé. Ìgò ìdajì lítà kan lè ní ṣúgà tó tó 50 gíráàmù, bíi kúbù 12. Gbogbo ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà má kọjá lóòjọ́ nìyẹn. Ojú á là díẹ̀, ó sì tún di rírẹ̀. Ọpọlọ á wá mọ aago, á mọ fíríìjì. Tó bá yá, ẹni tó yó gan-an á ṣì máa wá a.

Báwo la ṣe máa mọ èyí tó jẹ́ ebi? Ẹ mu omi, ẹ rìn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí ó bá lọ, àṣà ni. Bí ẹyin sísè tàbí ẹ̀pà ẹ̀kúnwọ́ kan bá wù yín jẹ, ebi ni, ẹ jẹ ẹ́. Ohun tí a rí sí i ni pé kí ẹ̀wà dé ṣọ́ọ̀bù ní aago kan, kí oníbàárà dúró díẹ̀.

Àmọ́ ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ, tí ara ẹ̀ ń gbọ̀n, tó ń làágùn, ṣúgà ni oògùn ẹ̀ nígbà yẹn: kúbù mẹ́ta sí mẹ́rin kíákíá, ká tún wò ó lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15. Ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ ṣáá, tó ń tọ̀ léraléra, tó sì ń rẹ̀, kó lọ ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ láàárọ̀ kó tó jẹun. Bó bá jẹ́ 126 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, dókítà ló kàn, kì í ṣe àgbo jẹdíjẹdí.