Ìdáhùn Kò Gbọdọ̀ Ṣáájú Fóònù Dé Inú Ìkéde

Ìmọ̀ràn kan ti gbalẹ̀ láàárín àwọn tó ń ta fóònù tòkunbọ̀ lórí ayélujára: kí olùtajà jókòó kọ ìkéde kan tó gún régé, kó sì máa lo òun kan náà fún gbogbo fóònù tó bá jọra. Ìdajì ìmọ̀ràn yìí dára gan-an. Ìdajì kejì ló ń sọ oníbàárà àti olùtajà di oníjà ní Ìkẹjà. Ẹni tó bá ti ra fóònù báyìí rí mọ gbólóhùn tó máa ń kádìí ìkéde: "Ó mọ́ tónítóní, bátìrì rẹ̀ le dáadáa, kò ní àléébù kankan." Gbólóhùn yìí wà lórí fóònù tí wọ́n ti pààrọ̀ ojú rẹ̀, ó sì wà lórí èyí tí bátìrì rẹ̀ kì í pẹ́ kó tó kú. Kò sẹ́ni tó yẹ fóònù wò kó tó kọ ọ́. Ó ti wà nínú àdàkọ kí fóònù tó wọ ìsọ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú iPhone 11 méjìlá tó dé sí ìsọ̀ kan lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tó bá wọn dọ́gba pọ̀: ọdún 2019 ni Apple gbé irú wọn jáde, ojú wọn jẹ́ íǹṣì 6.1, LCD ni, kámẹ́rà méjì ló wà lẹ́yìn wọn. Ìlànà ìsọ̀ náà lórí ìdápadà ọjà àti owó ìfiránṣẹ́ kì í sì í yí láti orí fóònù kan sí òmíràn. Àwọn tó ń pariwo pé kí olùtajà kọ ìkéde kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀ kò tíì ta ọjà méjìlá lọ́jọ́ kan. Ẹni tó bá ń tẹ ohun kan náà ní ìgbà méjìlá yóò ṣì í tẹ̀ níbì kan, inú ìlànà ìdápadà ni àṣìṣe náà sì lè bọ́ sí. Ohun tó dọ́gba, kí àdàkọ máa gbé e.

Ohun tí kò dọ́gba ni ọ̀rọ̀ wà. Kí a gbé ọ̀kan nínú méjìlá náà sọ́wọ́. Ó dúdú, 64GB ni. Nínú Settings, lábẹ́ Battery, ó kọ 84% sí Maximum Capacity. Nínú General, lábẹ́ About, ó kọ "Unknown Part" sí ẹ̀gbẹ́ Display, èyí tó túmọ̀ sí pé wọ́n ti pààrọ̀ ojú rẹ̀, ojú tuntun náà kì í sì í ṣe èyí tí Apple mọ̀. Bọ́tìnnì True Tone kò sí níbi tó yẹ kó wà, nǹkan tó sábà máa ń tẹ̀ lé irú ìpààrọ̀ bẹ́ẹ̀. Face ID ń ṣiṣẹ́. Ara rẹ̀ họ díẹ̀ nítòsí ihò ṣájà. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà kì í lò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ kó tó rí gbogbo èyí, kò sì sí ọ̀kankan nínú rẹ̀ tí àdàkọ lè mọ̀.

Nítorí náà, àlàfo inú àdàkọ gbọ́dọ̀ ṣófo. Kò gbọdọ̀ sí "bátìrì le dáadáa" níbẹ̀ tí olùtajà yóò máa yí padà tó bá rántí. Kò ní í rántí. Ọjà pọ̀, oníbàárà ń pè, iná lè lọ nígbàkúgbà. Ìdáhùn tó ti jókòó sínú àlàfo máa ń jọ òótọ́ lójú ẹni tó ń kánjú, ṣùgbọ́n àlàfo tó ṣófo máa ń pariwo. Ẹni tó bá ń to ọjà rẹ̀ sínú Google Sheets lè jẹ́ kí ariwo náà le sí i. Kó fi ìlà kan fún fóònù kan: ìwọ̀n GB sí A, àwọ̀ sí B, bátìrì sí C, ohun tó ṣe é sí D, iye owó sí E. Kó wá kọ èyí sí F2, kó sì fa fọ́múlà náà wálẹ̀ dé ìlà kẹtàlá:

```
=IF(COUNTBLANK(A2:E2)>0,"KÒ TÍÌ PÉ","iPhone 11, "&A2&"GB, "&B2&". Bátìrì: "&C2&". Ohun tó ṣe é: "&D2&". Iye: ₦"&E2)
```

Bí àpótí kan ṣoṣo bá ṣófo, ìkéde kò ní í jáde rárá. KÒ TÍÌ PÉ ni yóò wà níbẹ̀. Kò sí fóònù tó lè bọ́ sọ́jà láìjẹ́ pé ẹnì kan ti kọ nǹkan nípa òun gan-an.

Àwọn kan máa ń fi àmì % sínú àdàkọ fúnra rẹ̀, kó lè ku nọ́ńbà nìkan fún olùtajà láti tẹ̀. Ó jọ ìrọ̀rùn, àmọ́ ìdẹkùn ni. Bí wọ́n bá ti pààrọ̀ bátìrì fóònù kan sí èyí tí Apple kò mọ̀, nọ́ńbà tó wà níbẹ̀, bí ó bá tilẹ̀ wà, kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni lè fọwọ́ sọ̀yà fún. Ohun tó yẹ ní kíkọ ni "wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀, kì í ṣe ti Apple." Àdàkọ tó ti fi % dúró dè é kò gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, olùtajà yóò sì wá nọ́ńbà kan kọ síbẹ̀. Irọ́ ti wọlé nìyẹn, àdàkọ ló sì ṣílẹ̀kùn fún un. Kí òpó C gba ọ̀rọ̀. Kí wọ́n sọ ọ́ di Plain text lábẹ́ Format kí wọ́n tó tẹ ohunkóhun sí i, torí láìṣe bẹ́ẹ̀, 84% tí wọ́n tẹ̀ yóò di 0.84 nínú ìkéde.

Ó ku ẹ̀tàn kan tí fọ́múlà kò lè dí: kí olùtajà di etí àpótí kan mú, kó fa ohun tó wà nínú rẹ̀ wálẹ̀ dé ìlà kẹtàlá. Kò rújú láti mọ̀. Tí fóònù tòkunbọ̀ méjìlá bá jọ ní bátìrì 84% pẹ̀lú ara híhọ nítòsí ihò ṣájà, ẹ̀yọ kan ni wọ́n yẹ̀ wò.

Àwọn olùtajà á ní tí àwọn bá kọ àléébù, ọjà kò ní í tà. Oníbàárà yóò ṣáà rí i. Bí kò bá rí i nínú ìkéde, ọwọ́ ara rẹ̀ ni yóò ti rí i, lẹ́yìn tí ó ti san owó ìfiránṣẹ́ láti Ìkẹjà dé Ìlọrin. Fóònù tó padà wá kò tíì tà.

Ìwà burúkú mìíràn tún wà tí àdàkọ kan náà bí: "Ẹ bèèrè iye ní ìkọ̀kọ̀." Èwo ni ìkọ̀kọ̀? Òfin ìdíje àti ìdáàbòbò oníbàárà ti 2018 sọ ọ́ gbangba pé ẹni tó bá pàtẹ ọjà gbọ́dọ̀ fi iye rẹ̀ hàn. Síbẹ̀, ojú ni wọ́n fi ń wọn oníbàárà kí wọ́n tó dá iye lé e, ẹni tó bá sì kọ Gẹ̀ẹ́sì dídán ni yóò san jù. Ìwà yìí ti tó gẹ́ẹ́. Ìdí nìyí tí E fi wà lára àpótí tí kò gbọdọ̀ ṣófo.

Ọ̀nà kan wà láti yẹ iṣẹ́ náà wò. Kí ọ̀gá to fóònù méjìlá náà sórí tábìlì, kó ka ìkéde kan sókè, kó sì ní kí ọmọ iṣẹ́ mú fóònù tí wọ́n ń sọ. Bí ọmọ iṣẹ́ bá gbé ẹ̀yọ kan láìbèèrè, kí wọ́n gbé ìkéde náà jáde. Bó bá wo tábìlì títí tó ní ó lè jẹ́ èyíkéyìí nínú wọn, kí wọ́n dá a padà sí òpó D.