Ikọ́ Ọ̀fun Ọmọ Iléèwé: Òògùn Olómi, Oyin, Tàbí Kí A Má Fún Un Ní Nǹkan Kan?



Bí ọyẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ní Ìjókòó wa níbí, tí eruku tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ń tú sókè kò jẹ́ kí aṣọ tí a sá mọ́ dáadáa, gbólóhùn kan náà ni à ń gbọ́ lẹ́nu ọ̀nà kẹ́míìsì láàárín ìrun Mọ̀gàríbì sí Íṣáì: "Dókítà, ẹ fún mi ní òògùn ikọ́ ọmọdé." Bí a bá bèèrè irú ikọ́ tó jẹ́, wọ́n á ní ọ̀fun ló ń yún ọmọ náà. Kò ní ibà, ó ń jẹun, ó ń bá ẹgbẹ́ ẹ̀ ṣeré, àmọ́ bí ó bá ti fẹ̀yìn lélẹ̀ ní alẹ́ báyìí, ikọ́ ló kù, kò sì ní jẹ́ kí ará ilé sùn.

A fẹ́ sọ èrò wa láìfi igbá kan bọ ọ̀kan nínú. Fún ọmọ ọdún 6 sí 12 tí irú ikọ́ yìí ń ṣe, tí ara rẹ̀ sì le, kì í ṣe òògùn olómi ló yẹ kí ọwọ́ wa kọ́kọ́ nà sí. Oyin ṣíbí kékeré kan ní alẹ́ ló yẹ. Bí kò bá sí oyin nílé, kí a fi ọmọ náà sílẹ̀ láìfún un ní ohunkóhun sàn ju kí a bẹ̀rẹ̀ sí í da òògùn sí i lẹ́nu. Àwa tí à ń ta òògùn náà la ń sọ èyí, a sì mọ iye tí ìgò wọ̀nyí ń pa wọlé fún wa lásìkò ọyẹ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tí ikọ́ náà ti ń wá. Lọ́pọ̀ ìgbà, kátáà ló ṣáájú rẹ̀. Kátáà á lọ, ṣùgbọ́n ó ti bó ojú ọ̀fun díẹ̀, àwọn iṣan tó ń ta ọpọlọ lólobó pé kí ènìyàn wúkọ́ ti di ẹlẹ́gẹ́. Eruku díẹ̀, èéfín díẹ̀, atẹ́gùn gbígbẹ, tàbí ikun tó ń kán láti imú sí ọ̀fun nígbà tí ọmọ dùbúlẹ̀, èyíkéyìí nínú wọn tó láti tọ́ iṣan náà níjà. Kò sí kòkòrò tí òògùn fẹ́ pa níbẹ̀. Ojú ọ̀fun ń san padà fúnra rẹ̀ ni, ìyẹn a sì máa gba ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, nígbà mìíràn ó lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ohun tó ń tu irú ọ̀fun bẹ́ẹ̀ lára ni nǹkan tó dùn, tó sì ki. Ó ń mú itọ́ jáde, ó sì ń bo ojú ibi tó ń yún náà. Nítorí náà, nígbà tí òògùn olómi bá dà bí ẹni pé ó ṣiṣẹ́, adùn àti kíki rẹ̀ ló sábà máa ń ṣe iṣẹ́ ọ̀hún. Èyí tó kù nínú ìgò ni ó yẹ kí á máa bẹ̀rù.

Lọ́dún tó kọjá, ìyá kan gbé ọmọkùnrin rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ọdún 7 wá bá wa. Ó ní olùkọ́ ránṣẹ́ pè òun pé ọmọ náà ń sùn ní kíláàsì láti àárọ̀, ẹnu rẹ̀ gbẹ, ikọ́ náà kò sì lọ. Ó rò pé ibà ti wọ̀ ọ́. A ní kó lọ gbé gbogbo ohun tó ń fún un wá. Ìgò méjì ló gbé wá, ọ̀kan fún ikọ́, èkejì fún kátáà, ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló sì ti rà wọ́n. Nígbà tí a ka ara ìgò, èròjà kan náà ló wà nínú méjèèjì: kilofẹniramíìnì, èyí tí ọ̀pọ̀ yín mọ̀ sí Píríítọ̀nù. Mílígíráàmù 2 ló wà nínú mílílítà 5 ti ìgò kọ̀ọ̀kan.

Ṣíbí ìjẹun ni ìyá fi ń wọ̀n ọ́n, nítorí ife kékeré tó bá ìgò wá ti sọnù. A fi omi wọn ṣíbí náà lójú rẹ̀, ó gba mílílítà 10. Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀. Mílígíráàmù 4 láti inú ìgò kan, 4 láti inú èkejì, ó di 8 lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, ó di 24. Èyí tó pọ̀ jù tí ọmọ ọdún 6 sí 12 lè lò láàárín wákàtí 24 ni 12. Ìlọ́po méjì ni ọmọ náà ń mu, láti ọwọ́ ìyá tó fẹ́ràn rẹ̀, láti inú ìgò tí kò sí èyí tó jẹ́ ayédèrú nínú wọn. Èròjà yìí kì í wo ikọ́ ọ̀fun. Oorun ló ń kun ọmọ, ó sì ń gbẹ ẹnu àti ọ̀fun, èyí tó lè mú kí ọ̀fun máa yún sí i. A ní kó dá méjèèjì dúró. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, olùkọ́ kò ránṣẹ́ mọ́.

Àwọn kan á sọ pé láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de òògùn ikọ́ oníkodéìnì lọ́dún 2018, ewu ti kúrò lọ́rọ̀ náà. Ewu kodéìnì ló dín kù. Lọ́dún 2008 sí 2009, ó kéré tán ọmọ 84 ló kú ní orílẹ̀-èdè wa lẹ́yìn tí wọ́n mu òògùn olómi kan tí wọ́n ń pè ní My Pikin, tí àwọn ìyá ń rà fún ọmọ tó ń hu eyín. Lọ́dún 2022, ó lé ní 60 ọmọ tó kú ní Gáńbíà, òògùn ikọ́ àti kátáà olómi tó wá láti Íńdíà ni wọ́n sì rí pé ó ní májèlé nínú. Májèlé kan náà ni nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì: dayẹtilíìnì gíláíkọ̀. Ó ki, ó dùn, ó sì jọ omi tí wọ́n fi ń po òògùn olómi. Bí ilé iṣẹ́ kò bá yẹ èròjà wò dáadáa, ó lè bá wọn wọlé. Kíndìnrín ló ń bà jẹ́, ìdí nìyẹn tí ọmọ fi máa ń ṣíwọ́ ìtọ̀. A kò sọ pé gbogbo ìgò ló ní májèlé. Ohun tí à ń sọ ni pé, bó ti wù kí ewu kéré tó, kò yẹ kí a gbé e fún ọmọ nítorí ikọ́ tí òògùn náà kò wò.

Ṣé lóòótọ́ ni kò wò ó? Lọ́dún 2007, àwọn dókítà kan ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Pẹnsiliféníà ní Amẹ́ríkà gbé àbájáde ìwádìí jáde lórí ọmọ 105 tí ikọ́ kátáà ń dààmú lóru. Wọ́n fún àwọn kan ní oyin, wọ́n fún àwọn kan ní èròjà tó gbajúmọ̀ nínú òògùn ikọ́ gbígbẹ, wọn kò sì fún àwọn tó kù ní nǹkan kan, nígbà tó ku ìdajì wákàtí kí wọ́n sùn. Àwọn òbí ló sọ bí òru náà ṣe rí. Àwọn tó lá oyin ló sàn jù. Àwọn tó mu òògùn kò fi bẹ́ẹ̀ sàn ju àwọn tí a kò fún ní nǹkan lọ. Kí a sòótọ́, ìyàtọ̀ tó wà láàárín oyin àti òògùn gan-an kò pọ̀, àwọn tí a kò fún ní nǹkan náà sì rọ̀ lóru kejì. Oyin kì í lé ikọ́ kúrò; ó ń jẹ́ kí òru rọrùn ni.

Ọmọ ọdún 6 sí 11 á lá ṣíbí tíì kan, mílílítà 5, nígbà tó bá ku ìdajì wákàtí kó sùn. Ọmọ ọdún 12 sókè lè lá méjì. Ẹ lè fún un bẹ́ẹ̀ tàbí kí ẹ pò ó mọ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kó fi omi yọ ẹnu lẹ́yìn rẹ̀ nítorí eyín. Òru mẹ́ta tó. Lẹ́yìn ìyẹn, àǹfààní rẹ̀ kò hàn mọ́. Ọmọ tó ní ìtọ̀ ṣúgà kò gbọdọ̀ lá a láìbá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ní ti oyin àyédèrú, iná ìṣáná àti omi tí a fi ń dán an wò kò fi òótọ́ hàn, bẹ́ẹ̀ ni oyin tó dì kì í ṣe ayédèrú. Ọwọ́ ẹni tí ẹ mọ̀ ni kí ẹ ti rà á.

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò gbọdọ̀ fi ẹnu kan oyin rárá, kódà lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Irúgbìn kòkòrò kan lè wà nínú oyin tí kì í ṣe àgbà ní nǹkan, ṣùgbọ́n tó ń hù nínú ìfun ọmọ ọwọ́, tó sì ń sọ gbogbo ara rẹ̀ di jọ̀wọ̀lọ̀. Sísè kò pa á. Ẹ má ṣe fi ṣíbí tí ẹ̀gbọ́n fi lá oyin bọ àbúrò lẹ́nu.

A mọ̀ pé Ọlọ́hun dárúkọ ìwòsàn mọ́ oyin nínú Súrátù Náhlì, a sì gbà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má fi ìyẹn jókòó ti ikọ́ tó yẹ kó gbé lọ sí ilé ìwòsàn.

Àìfún ọmọ ní nǹkan kì í ṣe àìbìkítà. Ẹ fún un lómi mu déédéé. Ẹ wọ́n omi sílẹ̀ kí ẹ tó gbálẹ̀. Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí fèrèsé, ẹ má tan kọ́ìlì ẹ̀fọn nínú yàrá tó ń sùn, kí ẹ sì fi tùràrí sílẹ̀ títí ọ̀fun rẹ̀ á fi san.

Gbogbo ohun tí a sọ yìí wà fún ọmọ tí ara rẹ̀ le. Ẹ ka èémí rẹ̀ nígbà tó bá jókòó jẹ́ẹ́: bí ó bá tó 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìṣẹ́jú kan, bí ìhà rẹ̀ bá ń wọlé, bí àyà rẹ̀ bá ń sú bíi fèrè, tàbí tí ó bá ń wúkọ́ ẹ̀jẹ̀, ilé ìwòsàn ni lóru ọjọ́ náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí ikọ́ bá bẹ̀rẹ̀ lójijì níbi tó ti ń jẹ ẹ̀pà, nítorí nǹkan lè ti há a. Ikọ́ tó ń padà wá lóru ní gbogbo ìgbà lè jẹ́ asímà. Bí ikọ́ bá sì ti pé ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò tíbì, pàápàá bí ó bá ń rù tàbí tí ẹnì kan nílé ti ń wúkọ́ tipẹ́. Ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò àti òògùn rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ìjọba. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé kátáà náà ni, àmọ́ kí dókítà ló sọ bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, nígbà mìíràn tí ẹ bá wá sí kẹ́míìsì, ẹ má wulẹ̀ sọ pé "ẹ fún mi ní òògùn ikọ́." Ẹ sọ bí ikọ́ náà ṣe rí, ẹ sì gbé ìgò tó wà nílé dání. Bí a bá ní kí ẹ padà lọ sílé láìra nǹkan kan, ẹ má bínú sí wa.

Kí Ọlọ́hun fún àwọn ọmọ wa ní àlàáfíà. Àmín.