Ẹ Má Fi Orúkọ Ìlú Ṣe Àkọlé Síláìdì

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa. Bí wọ́n bá ní ká wá ṣàlàyé iṣẹ́ ìwádìí wa, ọ̀pọ̀ wa kàn máa ń kó àkọlé inú ìwé wa sórí síláìdì bí wọ́n ṣe tò tẹ́lẹ̀ ni. Èmi náà ṣe é rí. Iṣẹ́ mi dá lórí omi kànga ní Ìjẹ̀bú-Igbó, Àgọ́-Ìwòyè àti Ògùn Wọ́tásáìdì.

`Slides from Outline` inú PowerPoint ni mo lò. Ohun tẹ́ ẹ bá fi `Heading 1` kọ nínú Word á di àkọlé síláìdì, `Heading 2` á di búlẹ́ẹ̀tì, `Heading 3` á bọ́ sábẹ́ búlẹ́ẹ̀tì yẹn. Àwọn ìpínrọ̀ lásán ò ní tẹ̀ lé wọn. Orí márùn-ún ni ìwé mi ní, síláìdì márùn-ún ló sì jáde. Orí kẹrin, níbi tí èsì wà, kún fọ́fọ́: àgbègbè mẹ́ta, kálukú pẹ̀lú òkúta, ìjìnlẹ̀ kànga àti omi tiẹ̀.

Mo bá gbé orúkọ àgbègbè kọ̀ọ̀kan sókè sí `Heading 1`. Ó mọ́ lójú lóòótọ́. Àmọ́ nígbà tí mo dé Ògùn Wọ́tásáìdì, ọ̀gá kan ní, "Padà sẹ́yìn jàre, mo ti gbàgbé ti Ìjẹ̀bú-Igbó."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló là mí lójú. Nínú ìwé, kò burú kí ìlú jẹ́ àkọlé, torí ẹni tó ń kà á lè ṣí i padà. Ẹni tó ń wo síláìdì ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó fi wéra gbọ́dọ̀ wà lójú kan náà. Nítorí náà, ẹ dojú rẹ̀ kodò: kí ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ sọ di àkọlé, kí ìlú di búlẹ́ẹ̀tì. Bí tèmi ṣe rí nìyí:

Ohun tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ ló ń sọ ibi tí omi máa dúró sí
- Ìjẹ̀bú-Igbó àti Àgọ́-Ìwòyè: àpáta líle àtijọ́. Omi wà nínú ilẹ̀ tó ti rọ̀ lórí àpáta, àti níbi tí àpáta ti sán.
- Ògùn Wọ́tásáìdì: iyanrìn. Omi wà láàárín hóró iyanrìn.

Ẹ wò ó, ìlú méjì ti wọ búlẹ́ẹ̀tì kan. Síláìdì ọlọ́kọ̀ọ̀kan ò jẹ́ kí ìyẹn hàn.

Báwo lẹ ṣe máa mọ èyí tó yẹ ní àkọlé? Ẹ gbìyànjú láti sọ ọ́ di odidi gbólóhùn tí ẹnì kan lè bá yín jiyàn lé lórí. "Èsì" ò ṣeé jiyàn lé. "Àgọ́-Ìwòyè" náà ò ṣeé jiyàn lé. Èyí tí ò bá yege, búlẹ́ẹ̀tì ni, tàbí kẹ́ ẹ yọ ọ́. Máàpù nìkan ni mo yọ sílẹ̀: kò burú kí orúkọ ìlú wà lórí rẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó gbé e wọ PowerPoint, inú Word ni kẹ́ ẹ ti tún un tò. `Alt+Shift+Left` ń gbé àkọlé sókè, `Alt+Shift+Right` ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹ ṣe é lórí ẹ̀dà ìwé náà o, kí ojúlówó má bàa dàrú.