Yíyọ Orúkọ Aláìsàn Nìkan Kò Tó

Inú ilé ìwòsàn ni ọ̀rọ̀ tòní ti wá, ṣùgbọ́n ẹ̀yin gan-an ló kàn.

Ẹni tó bá ti sùn ní ilé ìwòsàn ńlá rí á ti rí i: ní òwúrọ̀, dókítà àgbà á máa lọ láti ibùsùn kan dé èkejì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á máa tẹ̀ lé e. Wọ́n tún máa ń jókòó, kí wọ́n gbé ìtàn aláìsàn mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá sójú kọ̀ǹpútà, kí wọ́n jọ yẹ̀ ẹ́ wò. Lẹ́yìn náà, wọ́n á ní kí ẹnìkan ké gbogbo rẹ̀ kúrú sínú ìwé kan ṣoṣo. Bí wọ́n ṣe ń kọ́ iṣẹ́ nìyẹn, mi ò bá wọn jà. Ìwé kúkúrú yẹn ni mò ń bẹ̀rù, torí òun ló máa ń bọ́ sórí fóònù, tí í lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́.

Wọ́n á ní, "A ti yọ orúkọ kúrò." Ẹ jẹ́ ká wò ó. Èmi ni mo hun ìtàn yìí o, kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. Wọ́n kọ ọ́ pé: "Ìyá ìbejì kan, ẹni ọdún 46, olórí àwọn elẹ́lùbọ́ ní abúlé kan lẹ́bàá Ṣábẹ. Ejò bù ú jẹ lóko iṣu lọ́jọ́ ọjà tó kọjá. Ọ̀dọ̀ oníṣègùn ló kọ́kọ́ lọ."

Ṣé orúkọ wà níbẹ̀? Kò sí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ná ọjà yẹn ti mọ̀ ọ́n. Ìyá ìbejì pọ̀, elẹ́lùbọ́ pọ̀. Ìgbà tí ẹ bá so wọ́n pọ̀ mọ́ ọjọ́ àti abúlé, ó ku ẹnìkan ṣoṣo. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Tí ìyá yìí bá gbọ́ lọ́jà pé wọ́n ń fi òun rẹ́rìn-ín nítorí oníṣègùn, ẹni tí ejò bá tún bù jẹ á purọ́ fún dókítà pé, "Ibí ni mo gbà wá tààrà." Dókítà ò sì ní mọ iye wákàtí tí oró ejò ti lò lára rẹ̀.

Kí ló wá yẹ kó kù nínú ìwé náà? Ẹ wo ohun tí wọ́n fẹ́ kọ́ wọn. Oró àwọn ejò kan, bíi ejò kékeré tó máa ń fi ìpẹ́ ara ha ara tó sì ń dún, kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Dókítà á fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sínú ìgò gíláàsì tó mọ́, tó sì gbẹ. Á gbé e kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20, kò ní mì ín, lẹ́yìn náà á dà á ní ìdàkejì. Tó bá ṣì ń ṣàn bí omi, ó nílò abẹ́rẹ́ oró ejò. Lẹ́yìn abẹ́rẹ́ náà, ní wákàtí 6, wọ́n á tún un dán wò.

Torí náà, mo lè kọ ọ́ báyìí: "Obìnrin kan tó ti lé ní ogójì ọdún. Ejò bù ú jẹ lẹ́sẹ̀. Ó dé lẹ́yìn wákàtí 11; wọ́n ti sín in ní gbẹ́rẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní èrìgì rẹ̀. Ní ìṣẹ́jú 20 ẹ̀jẹ̀ ò dì; ní wákàtí 6 lẹ́yìn abẹ́rẹ́, ó dì." Ọjọ́ ọjà ti di iye wákàtí, ọdún 46 ti di "ogójì ó lé", gbẹ́rẹ́ sì kù nítorí ojú rẹ̀ lè máa ṣẹ̀jẹ̀. Ẹ̀kọ́ náà ò dín kù rárá.

Àwọn kan máa ń sọ obìnrin di ọkùnrin, tàbí ẹsẹ̀ di ọwọ́, kí wọ́n má bàa dá a mọ̀. Mi ò fara mọ́ ọn. Akẹ́kọ̀ọ́ á kọ́ ohun tí kò ṣẹlẹ̀. Ohun tí kò bá wúlò, ẹ yọ ọ́. Ẹ má yí i padà.

Àwòrán le ju ọ̀rọ̀ lọ. Wọ́n á ya ẹsẹ̀ tó wú, aṣọ ẹgbẹ́ á hàn létí rẹ̀, tàbí ilà ojú. Wọ́n á gé ojú kúrò lórí kọ̀ǹpútà, síbẹ̀ apá tí wọ́n gé lè wà nínú rẹ̀, kí ẹlòmíràn fà á jáde. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ya ẹsẹ̀ nìkan láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àrùn mìíràn wà tó ṣọ̀wọ́n débi pé gbogbo ìlú ti gbọ́ nípa rẹ̀. Ìyẹn, kò sí bí wọ́n ṣe lè bò ó. Kí wọ́n tọrọ àyè lọ́wọ́ aláìsàn nígbà tí ara rẹ̀ bá ti balẹ̀, kì í ṣe nígbà tó ń jẹ̀rora. Tó bá ní òun ò fẹ́, kí wọ́n yọ ìtàn náà kúrò, kí ìtọ́jú rẹ̀ sì máa lọ bó ṣe ń lọ. Ẹ̀yin náà lè bi wọ́n léèrè kí ẹ tó kúrò ní ilé ìwòsàn: "Ṣé ẹ ó mú ọ̀rọ̀ mi lọ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́? Kí ni ẹ ó yọ kúrò?"