Ẹ̀yìn Ni Kí Ẹ Ti Bẹ̀rẹ̀ sí Ka Lẹ́tà Ofadiráfù

Bí lẹ́tà ofadiráfù bá ti báǹkì dé, ohun méjì ni ọ̀pọ̀ oníṣòwò máa ń wá lójú ewé kìíní: iye tí báǹkì gbà fún wọn, àti èlé tí wọn yóò san. Bí méjèèjì bá ti tẹ́ wọn lọ́rùn, bírò ti dọ́wọ́ nìyẹn. Lójú tèmi, ẹ̀yìn ìwé ló yẹ kí èèyàn ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni àwọn gbólóhùn tó lè yí iye iwájú padà fara pamọ́ sí. Ofadiráfù yàtọ̀ sí owó tí báǹkì kà sílẹ̀ fún èèyàn pé kó máa san díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù. Báǹkì kàn gbà kí àkáǹtì yín wọ gbèsè dé ìwọ̀n kan ni. Bí owó ọjà bá wọlé, gbèsè á lọ sílẹ̀. Bí ẹ bá tún fà á, á gòkè. Iye tí ẹ bá jẹ lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan ni èlé ọjọ́ náà ń gùn. Ohun tó rọrùn láti lò bẹ́ẹ̀ rọrùn fún ẹni tó ni ín láti gbà padà, gbólóhùn tó sì sọ bẹ́ẹ̀ kì í sí lójú ewé kìíní.

Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo obìnrin kan tó ń pín ìyẹ̀fun fún àwọn oníbúrẹ́dì nílùú Ìbàdàn. Owó ọwọ́ ló fi ń gbẹ́rù níléeṣẹ́, àwọn oníbúrẹ́dì sì ń san tiwọn lẹ́yìn oṣù kan. Báǹkì kọ̀wé sí i pé àwọn fún un ní ofadiráfù mílíọ̀nù 10 náírà fún oṣù 12, èlé 30% lọ́dún, owó ìṣàkóso 1%, kó sì fi ilé rẹ̀ dógò. Lẹ́tà tó dára nìyẹn lójú ẹni tó bá dúró síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ṣí i dé ẹ̀yìn, yóò rí i pé wọ́n kọ ọ́ pé báǹkì lè béèrè gbogbo owó rẹ̀ nígbàkigbà. Gbólóhùn yìí wọ́pọ̀ gan-an nínú lẹ́tà ofadiráfù. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé oṣù 12 ni ibi tí àdéhùn náà lè pẹ́ dé, kò túmọ̀ sí pé ẹnikẹ́ni ṣèlérí oṣù 12 fún un. Ó tún lè rí òmíràn nísàlẹ̀ rẹ̀: bí oṣù 12 bá pé, báǹkì lè tún àdéhùn ṣe tàbí kó má tún un ṣe, bó bá ti rí i sí.

Gbólóhùn méjèèjì yìí ló yẹ kó pinnu ohun tí yóò fi owó náà ṣe. Bó bá fi ra ìyẹ̀fun, tí báǹkì sì béèrè owó lónìí, yóò dáwọ́ ríra dúró, yóò kó owó jọ lọ́wọ́ àwọn oníbúrẹ́dì, láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan gbèsè á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Bó bá fi mílíọ̀nù 6 nínú rẹ̀ ra ọkọ̀ akẹ́rù, owó ti di irin. Ọkọ̀ yóò máa pa owó wọlé díẹ̀díẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, nígbà tí báǹkì lè béèrè tirẹ̀ lọ́la. Ibí yìí ni ofadiráfù ti ń ba ọ̀pọ̀ ìṣòwò jẹ́, kódà èyí tó ń jèrè. Ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ ni kó lọ béèrè owó yíyá tí a ń san díẹ̀díẹ̀ fún ọdún mélòó kan, bí èlé rẹ̀ bá tilẹ̀ jọ ti ofadiráfù.

Lábẹ́ ọ̀rọ̀ ìsọdọ̀tun, ẹ wá ohun méjì kan. Èkíní ni iye owó tí ó gbọ́dọ̀ máa gba inú àkáǹtì kọjá lóṣooṣù. Ká ní wọ́n kọ mílíọ̀nù 20, bẹ́ẹ̀ ìdajì àwọn oníbúrẹ́dì ń fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì rẹ̀ ní báǹkì mìíràn, obìnrin yìí ti ń tàpá sí àdéhùn láti oṣù kìíní láìmọ̀. Èkejì ni pé àwọn báǹkì kan máa ń fẹ́ kí gbèsè náà wálẹ̀ dé òdo fún ọjọ́ mélòó kan lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí wọ́n lè mọ̀ pé ìṣòwò ń yí lóòótọ́. Ẹni tí gbèsè rẹ̀ dúró sójú kan fún oṣù mẹ́wàá kò ní rí owó ṣe èyí. Nítorí náà, ó dára kó kọ̀wé fún ìsọdọ̀tun ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ tí àdéhùn parí. Bí ọjọ́ náà bá kọjá láìsí lẹ́tà tuntun, báǹkì lè ka gbogbo gbèsè sí èyí tó ti kọjá àsìkò, èlé ìjìyà á sì bẹ̀rẹ̀.

Ó kù ọ̀rọ̀ èlé. 30% náà kò dúró sójú kan, nítorí lẹ́tà yóò sábà sọ pé báǹkì lè yí i padà bí ọjà owó bá ṣe ń lọ. Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán nìyẹn, kó wo òṣùwọ̀n èlé tí Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ń kéde: 11.5% ló wà níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, ó sì ti di 27.5% nígbà tó fi máa di oṣù kọkànlá ọdún 2024. Kò sí báǹkì tí yóò gba irú ìgòkè bẹ́ẹ̀ mọ́ra fún oníbàárà. Ohun tó yẹ kí ẹ bèèrè ni iye ọjọ́ tí wọn yóò fi sọ fún yín kí èlé tó gòkè, àti bóyá ẹ lè san gbèsè yín kúrò láìsí ìtanràn bí tuntun náà kò bá tẹ́ yín lọ́rùn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ méjèèjì sínú lẹ́tà.

Owó ìṣàkóso tún ń tan èèyàn ju èlé lọ. 1% kéré létí, ṣùgbọ́n orí gbogbo mílíọ̀nù 10 ni wọ́n ti ṣírò rẹ̀, ì báà lò ó, ì báà má lò ó. ₦100,000 ni. Bí gbèsè rẹ̀ bá jẹ́ mílíọ̀nù 8 ní ìpíndọ́gba jálẹ̀ ọdún, owó yẹn fi 1.25% kún èlé rẹ̀. Bó bá jẹ́ mílíọ̀nù 2 péré ló lò, 5% ló fi kún un, 30% ti di 35% nìyẹn. Ẹni tó béèrè ohun tó ju ìlò rẹ̀ lọ nítorí ó fẹ́ kí àyè gba òun, owó ló fi ń ra àyè náà, yóò sì tún un rà bí wọ́n bá tún gba owó ìṣàkóso nígbà ìsọdọ̀tun.

Síbẹ̀, gbèdéke tó há jù náà léwu, nítorí inú àkáǹtì kan náà ni báǹkì ti ń yọ èlé rẹ̀. Ká ní gbèsè obìnrin yìí wà ní ₦9,900,000 jálẹ̀ ọgbọ̀n ọjọ́. Ní 30% lọ́dún, èlé oṣù náà jẹ́ nǹkan bí ₦244,000. Lọ́jọ́ tí báǹkì bá yọ ọ́, gbèsè di ₦10,144,000, ó ti fò kọjá gbèdéke láìfa kọ́bọ̀ kan. Èlé àfikún lè gun orí èyí tó lé, ṣẹ́ẹ̀kì tó bá wọlé lọ́jọ́ náà lè padà, àkọsílẹ̀ pé ó tàpá sí àdéhùn á sì dúró títí di ọjọ́ ìsọdọ̀tun. Gbèdéke tó ṣeé ná nínú mílíọ̀nù 10, kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 9.7 lọ.

Orí ìdógò ni mo fẹ́ kí ojú yín ti là jù. Ilé obìnrin yìí lè tó mílíọ̀nù 60. Kò burú kó fi dógò, ṣùgbọ́n kí ló fi dúró fún? Bí lẹ́tà bá sọ pé ilé náà dúró fún gbogbo gbèsè tó jẹ báǹkì nísinsìnyí tàbí lọ́jọ́ iwájú, òun nìkan tàbí òun àti ẹlòmíràn, ilé náà ti bo ofadiráfù kọjá. Bó bá ṣe onídùúró fún àbúrò rẹ̀ ní báǹkì kan náà lọ́dún tó ń bọ̀, tí àbúrò kò sì san, ilé yìí wà nínú ẹ̀. Kó ní kí wọ́n kọ ọ́ pé gbèsè ofadiráfù yìí, pẹ̀lú èlé àti ìnáwó orí rẹ̀, ni ilé náà dúró fún, kó má sì ju iye kan lọ. Bó bá jẹ́ pé orúkọ kọ́ńpìnnì ló fi gba owó, kó wò bóyá wọ́n tún ní kí òun fọwọ́ sí ìwé onídùúró. Ọ̀pọ̀ ló ń forúkọ kọ́ńpìnnì sílẹ̀ kí gbèsè rẹ̀ má bàa dé ilé wọn, tí wọ́n á sì fi ìbuwọ́lù kan ṣoṣo ṣí ilẹ̀kùn náà padà. Láti ọdún 2020 pẹ̀lú, ètò Báǹkì Àpapọ̀ ti wà tí báǹkì fi lè yọ owó tí èèyàn kò san nínú àwọn àkáǹtì rẹ̀ ní báǹkì mìíràn, nípasẹ̀ nọ́ńbà BVN rẹ̀.

Ilẹ̀ ní òfin tirẹ̀. Òfin Lílo Ilẹ̀ ọdún 1978 béèrè ìyọ̀ǹda gómìnà kí a tó fi ilẹ̀ tó ní ìwé ẹ̀rí ìjọba dógò. Ẹ bèèrè ẹni tí yóò san owó ìyọ̀ǹda náà, torí ọrùn ẹni tó ń yáwó ló sábà máa ń já sí. Ilé ẹbí ńkọ́? Bí olórí ẹbí àti àwọn àgbà ẹbí kò bá fọwọ́ sí i, ẹ má fi dógò. Ẹjọ́ ọlọ́dún gbọọrọ ni yóò dà.

Àwọn kan yóò ní ìwé tí wọ́n ti tẹ̀ sílẹ̀ ni lẹ́tà báǹkì, wọn kì í yí i padà fún oníṣòwò kékeré. Òtítọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Gbólóhùn pé báǹkì lè béèrè owó nígbàkigbà, ó ṣòro kí wọ́n yọ ọ́. Ṣùgbọ́n iye gbèdéke, èlé, owó ìṣàkóso, iye tí yóò máa gba àkáǹtì kọjá àti àlàyé ìdógò, òṣìṣẹ́ ló ń kọ wọ́n sí àlàfo fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ṣeé dúnàádúrà kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Báǹkì Àpapọ̀ sì ní ìwé ìlànà owó tí báǹkì lè gbà, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January 2020. Ẹ fi owó kọ̀ọ̀kan wé e. Ẹlòmíràn yóò ní òṣìṣẹ́ báǹkì òun ti fi òun lọ́kàn balẹ̀ pé wọn kì í béèrè owó lójijì. Ó lè jẹ́ òótọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n lè gbé e lọ sí ẹ̀ka mìíràn lóṣù tó ń bọ̀, lẹ́tà ni ẹni tó bá rọ́pò rẹ̀ yóò kà. Ní ti owó lóọ̀yà, ẹ fi wé ilé mílíọ̀nù 60. Ẹ mú lẹ́tà lọ kí ẹ tó buwọ́ lù ú, nítorí lẹ́yìn ìyẹn, ohun tí lóọ̀yà lè ṣe ti kéré.

Kí ẹ tó buwọ́ lù ú, ẹ wá gbólóhùn ìdápadà. Ó yẹ kó sọ iye ọjọ́ tí báǹkì yóò fi dá ìwé ilé padà lẹ́yìn tí gbèsè bá tán, kó fún yín ní ìwé ìtúsílẹ̀, kó sì yọ orúkọ yín kúrò ní Iléeṣẹ́ Ìforúkọsílẹ̀ Ìdógò ti ìjọba àpapọ̀ bó bá jẹ́ ẹrù tàbí ọkọ̀ ni ẹ fi dógò, lábẹ́ òfin ọdún 2017. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sí i.