Ṣé Oògùn Ẹ̀jẹ̀ Ríru Ló Ń Ba Kíndìnrín Jẹ́?

Ẹ jẹ́ ká fi ìyá kan tó ń ta aṣọ ṣe àpẹẹrẹ. Ẹni ọdún 54 ni, ó sì ti ń bá àrùn àtọ̀gbẹ yí fún ọdún mẹ́jọ. Ó ń lo amulodipíìnì mílígíráàmù 10 lójoojúmọ́, síbẹ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ṣì wà ní 152/94. Dókítà wá fi losátàn mílígíráàmù 50 kún un. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n sì rí i pé kíríátíníìnì, ìyẹn ìdọ̀tí tí kíndìnrín máa ń sẹ́ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, ti kúrò ní 100, ó ti di 120. Aládùúgbò rẹ̀ kan rí ìwé náà, ó ní: “Màmá, oògùn tuntun yẹn ti ń bá yín ní kíndìnrín jà. Ẹ má lò ó mọ́!”

Ká tó lè mọ̀ bóyá òótọ́ lohun tó sọ, ó yẹ ká mọ ìdí tí dókítà fi yan oògùn náà.

Nínú kíndìnrín kọ̀ọ̀kan, nǹkan bíi mílíọ̀nù kan asẹ́ kéékèèké ló wà. Òpó tín-tìn-tín kan máa ń gbé ẹ̀jẹ̀ wọnú asẹ́ kọ̀ọ̀kan, òmíràn á sì gbé e jáde. Bí àtọ̀gbẹ bá ti wà lára fún ìgbà pípẹ́, ẹ̀jẹ̀ á máa ya wọlé, àmọ́ ojú òpó tó ń gbé e jáde á fún. Ẹ̀jẹ̀ á wá máa ti asẹ́ náà tagbáratagbára, títí asẹ́ á fi bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Ohun tó sì máa ń kọ́kọ́ jò sínú ìtọ̀ ni purotéènì tí wọ́n ń pè ní alubúmíìnì. Kì í dunni, ojú lásán kì í sì í rí i níbẹ̀rẹ̀. Àyẹ̀wò ìtọ̀ ló ń tú u fó. Kò yẹ kó tó 30 nínú àyẹ̀wò náà. Ti ìyá yìí jẹ́ 180.

Amulodipíìnì máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa lára àwa èèyàn dúdú láti mú kí ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀, àmọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ la ojú òpó tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde. Losátàn ló ń ṣe ìyẹn. Nínú ìwádìí RENAAL tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2001, èèyàn 1,513 tí àtọ̀gbẹ ti ba kíndìnrín wọn jẹ́ ló kópa. Ewu pé kíndìnrín á daṣẹ́ sílẹ̀ pátápátá fi nǹkan bí ìdá 28 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù lára àwọn tó lo losátàn. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ìyá yìí lo oògùn méjèèjì pọ̀.

Wàyí o, bí ojú òpó náà bá là, agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti asẹ́ á dín kù. Iye ìdọ̀tí tó ń sẹ́ á dín kù díẹ̀, kíríátíníìnì á sì lọ sókè díẹ̀. Kì í ṣe pé oògùn ń ba kíndìnrín jẹ́, ṣe ni ara ń tu asẹ́. Bí kò bá ti lọ sókè ju ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, àwọn dókítà kì í torí ẹ̀ dá oògùn náà dúró. Ti ìyá yìí jẹ́ ìdá 20. Kó máa lò ó lọ.

Àmọ́ bó bá kọjá 30, tàbí tí potásíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ kọjá 5.5, kẹ́ni náà tètè pa dà sọ́dọ̀ dókítà. Ó lè jẹ́ pé omi ti gbẹ lára rẹ̀, pé ó ń lo oògùn ara ríro bí ibuporofẹ́ẹ̀nì, tàbí pé iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí kíndìnrín ti dí. Bí èébì tàbí ìgbẹ́ gbuuru bá ń ṣe ẹ́, béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá kó o dá losátàn dúró títí ara á fi yá. Aboyún ò gbọ́dọ̀ lò ó rárá, torí ó ń ṣe ọmọ inú léṣe. Bákan náà, má ṣe lo losátàn àti lisinópírì pọ̀. Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe, àpapọ̀ wọn sì lè ṣe kíndìnrín níjàǹbá.

Fún ọ̀pọ̀ àwọn tó ní àtọ̀gbẹ, ibi tó yẹ kí ẹ̀jẹ̀ ríru wà ni ìsàlẹ̀ 130/80, tí kò bá ti máa mú kí òòyì kọ́ wọn. Tó bá wá di oṣù mẹ́ta, kí ìyá yìí tún lọ yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò. Bí 180 yẹn bá ti ń wálẹ̀, asẹ́ ò jò tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́ nìyẹn. Bí kò bá wálẹ̀, dókítà lè sọ losátàn náà di mílígíráàmù 100.